Ìwé Àṣàjọ fún Ìdánwò Lórí Àrùn Ilẹ̀ Olóoru: Àpẹẹrẹ Àtọ̀sí Ajá ní Ìkòròdú àti Ẹ̀pẹ́

Ìfáàrà

Akẹ́kọ̀ọ́ ìlera tí ìdánwò rẹ̀ kù sí dẹ̀dẹ̀ kì í tún ṣí ìwé ńlá mọ́. Ewé kan ṣoṣo ni ó máa ń wá, èyí tí ohun tí olùdánwò lè béèrè nípa àrùn kan yóò wà lójú rẹ̀ láìsí àṣẹ̀ṣẹ̀ ń wá ojú-ìwé kiri. Irú ewé bẹ́ẹ̀ ni àpilẹ̀kọ yìí pè ní ìwé àṣàjọ. Àwọn kan ń pè é ní ìwé àkópọ̀, ṣùgbọ́n orúkọ yẹn kò bá iṣẹ́ náà mu tó, nítorí pé ẹni tí ó kàn ń kó nǹkan pọ̀ kò tíì ṣa ohunkóhun. Ṣíṣà ni ó ṣíwájú, jíjọ ni ó tẹ̀lé e, orúkọ náà sì ti sọ èyí fúnra rẹ̀.

Gẹ̀ẹ́sì ni wọ́n fi ń ṣe ìdánwò náà, ṣùgbọ́n Yorùbá ni ọ̀pọ̀ aláìsàn yóò sọ nígbà tí akẹ́kọ̀ọ́ náà bá di òṣìṣẹ́ ní Ìkòròdú tàbí ní Ẹ̀pẹ́. Nítorí náà, ibi tí ìwé àṣàjọ ti máa ń kọ́kọ́ ṣìnà ni orúkọ àrùn. Àrùn tí ó fi èyí hàn jù lọ ní ìlú etí ọ̀sà ni àtọ̀sí ajá, òun sì ni àpẹẹrẹ tí a ó tẹ̀lé délẹ̀.

Ohun tí ó yẹ kí a ṣà

Bí a bá gbé ìwé àṣàjọ tí ọ̀pọ̀ akẹ́kọ̀ọ́ kọ yẹ̀wò, ohun kan náà ni a ó máa rí lójú wọn: ara gbígbóná, orí fífọ́, àárẹ̀, àìlèjẹun. Wọ́n kọ ọ́ sábẹ́ ibà tí ẹ̀fọn ń fà, wọ́n tún un kọ sábẹ́ ibà jẹ̀funjẹ̀fun, wọ́n tún un kọ sábẹ́ ibà Lásà. Òótọ́ ni gbogbo rẹ̀, ṣùgbọ́n kò wúlò fún ìdánwò, nítorí pé ohun tí àrùn mẹ́ta ní ní àpapọ̀ kò lè sọ èyí tí ó wà níwájú ẹni.

Ẹni tí ó ti kọ́ nípa ohùn nínú èdè Yorùbá mọ ọ̀nà tí a ń gbà yanjú irú ọ̀rọ̀ báyìí. Igba, igbá àti ìgbà ní kọ́ńsónáǹtì àti fáwẹ̀lì kan náà. Kò sí ẹni tí yóò fi ìyẹn ṣàlàyé ìyàtọ̀ wọn. Ohùn ni ó yà wọ́n, ohùn sì ni a ó tọ́ka sí. Bákan náà ni ó yẹ kí ó rí lórí ìwé àṣàjọ. Ohun tí ó ya àrùn kan kúrò lára èkejì tí ó jọ ọ́ ni kí akẹ́kọ̀ọ́ kọ, kí ó sì pa ìyókù tì, bí ó tilẹ̀ jẹ́ òótọ́.

Nígbà tí onígbáméjì bẹ́ sílẹ̀ ní Ìpínlẹ̀ Èkó ní oṣù kẹfà ọdún 2024, Ìkòròdú wà lára àwọn agbègbè tí ìjọba kéde pé wọ́n ti rí àwọn tí wọ́n fura sí i lára wọn. Ìgbẹ́ gbuuru nìkan kò tó láti dá àrùn yìí mọ̀, nítorí pé ìgbẹ́ gbuuru pọ̀ ní irú. Ohun tí ó yà á sọ́tọ̀ ni ìgbẹ́ tí ó dà bí omi tí a fi ṣan ìrẹsì, tí ó ń ya lọ́pọ̀lọpọ̀ láìsí ẹ̀jẹ̀ nínú rẹ̀, tí ara kì í sì í sábà gbóná, tí omi ara sì lè tán láàárín wákàtí díẹ̀. Orúkọ àrùn náà tilẹ̀ ran akẹ́kọ̀ọ́ lọ́wọ́, nítorí pé a lè túmọ̀ rẹ̀ sí igbá kan fún èébì, igbá kan fún ìgbẹ́. Àtọ̀sí ajá kò ní irú oríire bẹ́ẹ̀.

Orúkọ tí ó lè ṣini lọ́nà

Àtọ̀sí láìfi ohunkóhun kún un jẹ́ orúkọ àrùn tí ìbálòpọ̀ ń tàn kálẹ̀. Bakitéríà ni ó ń fà á. Ó máa ń fara hàn ní ọjọ́ díẹ̀ lẹ́yìn ìbálòpọ̀, ìtọ̀ a máa ta ọkùnrin lára, ọyún a sì máa jáde lójú ara rẹ̀. Àtọ̀sí ajá jẹ́ ohun mìíràn pátápátá. Aràn ni ó ń fà á, inú omi ni ènìyàn ti ń kó o, ẹ̀jẹ̀ ni ó sì ń jáde nínú ìtọ̀, kì í ṣe ọyún. Nínú ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo, ajá, ni gbogbo ìyàtọ̀ yìí wà, aláìsàn tí ojú ń tì sì lè má pe ọ̀rọ̀ náà rárá.

Orúkọ náà tún lè mú kí akẹ́kọ̀ọ́ rò pé ara ajá ni àrùn náà ti ń wá. Kò rí bẹ́ẹ̀. Ara ènìyàn ni aràn yìí ń gbé, ìtọ̀ ènìyàn ni ó ń gbé ẹyin rẹ̀ lọ sínú odò. Nítorí náà, ìlà àkọ́kọ́ lórí ewé gbọ́dọ̀ sọ orúkọ Yorùbá, kí ó sọ orúkọ tí ó sún mọ́ ọn, kí ó sì sọ pé ajá kò lọ́wọ́ sí i. Orúkọ ìmọ̀ sáyẹ́ǹsì aràn náà ni Sisitosóómà hẹmatóbíọ̀mù. Tiodọ Bilihásì, oníṣègùn ará Jámánì, ni ó rí aràn náà ní ìlú Káírò ní ọdún 1851, ìdí nìyí tí àwọn ìwé kan fi ń pe àrùn náà ní bilihásíà. Olùdánwò lè lo èyíkéyìí nínú orúkọ méjèèjì.

Bí aràn náà ṣe ń yí ká

Bí akẹ́kọ̀ọ́ bá mọ ìrìn àjò aràn yìí dáadáa, ó lè fà èyí tí ó pọ̀ jù nínú ewé rẹ̀ yọ láti inú rẹ̀, kò ní nílò láti há a sórí. Ènìyàn tí ó ní àrùn náà tọ̀ sínú omi. Ẹyin inú ìtọ̀ náà pa, ìdin kékeré onírun wẹ́wẹ́ sì jáde, ó ń wá irú ìgbín odò kan tí wọ́n ń pè ní Bulínọ́ọ̀sì. Bí kò bá rí i láàárín nǹkan bí ọjọ́ kan, ó kú. Bí ó bá rí i, ó wọ inú rẹ̀, ó sì pọ̀ sí i níbẹ̀ fún nǹkan bí ọ̀sẹ̀ mẹ́rin sí mẹ́fà. Lẹ́yìn èyí ni ìdin mìíràn, èyí tí ìrù rẹ̀ là sí méjì, jáde kúrò lára ìgbín nígbà tí oòrùn bá mú. Bí ó bá kan awọ ẹni tí ó wà nínú omi, ó gba ibẹ̀ wọlé láàárín ìṣẹ́jú díẹ̀, ó sì fi ìrù sílẹ̀ lóde. Aràn náà dàgbà nínú ẹ̀jẹ̀, akọ àti abo so pọ̀, wọ́n sì lọ fìdí kalẹ̀ sínú àwọn iṣan ẹ̀jẹ̀ tí ó yí àpò ìtọ̀ ká. Ó tó oṣù méjì sí mẹ́ta kí ẹyin tó bẹ̀rẹ̀ sí hàn nínú ìtọ̀.

Ibi méjì ni akẹ́kọ̀ọ́ etí ọ̀sà ti sábà máa ń ṣìṣe nínú ìrìn àjò yìí. Èkíní ni ìgbín. Ẹni tí ó ń jẹ ìṣáwùrú lè kọ ọ́ sílẹ̀ pé jíjẹ ìgbín odò ni ó ń fa àtọ̀sí ajá. Ẹnu kọ́ ni aràn yìí ń gbà wọlé, awọ ara ni. Bulínọ́ọ̀sì pàápàá kéré, kò ju bí èékánná ọwọ́ lọ, bí a bá sì gbé e sókè kí ṣóńṣó rẹ̀ wà lókè, kí ẹnu rẹ̀ kọjú sí wa, ọwọ́ òsì ni ẹnu náà yóò wà. Ìgbín tí ẹnu rẹ̀ wà lọ́wọ́ ọ̀tún kì í ṣe òun. Robati Láípà ni ó fìdí rẹ̀ múlẹ̀ ní Íjíbítì ní ọdún 1915 pé inú ìgbín ni aràn náà ń gbà kọjá.

Èkejì ni omi fúnra rẹ̀. Ìgbín yìí kì í lè gbé inú omi tí iyọ̀ pọ̀ nínú rẹ̀. Ní apá Èkó, omi òkun a máa gba ẹnu èbúté wọ inú ọ̀sà, pàápàá ní ìgbà ẹ̀ẹ̀rùn tí omi odò bá fà, iyọ̀ náà a sì máa dé àwọn etí omi ìhà Ìkòròdú. Bí ọ̀sà ti ń lọ sí ìlà-oòrùn, sí ìhà Ẹ̀pẹ́ àti Lẹ́kí, ni iyọ̀ ń dín kù, nítorí pé omi odò, irú bí Odò Ọ̀ṣun, ni ó ń ṣàn wọ inú rẹ̀ níbẹ̀. Akẹ́kọ̀ọ́ tí ó bá kọ "gbogbo omi" sórí ewé rẹ̀ ti pàdánù ìbéèrè kan. Omi aláìníyọ̀ tí kò yára ṣàn, tí koríko wà létí rẹ̀, ni ìdáhùn. Èyí kò sọ pé Ìkòròdú bọ́: odò kékeré àti adágún tí ó wà nínú ìgbèríko rẹ̀ kì í ṣe omi ọ̀sà.

Kíkọ ewé náà

Ìwé ni kí akẹ́kọ̀ọ́ kọ́kọ́ kà, kí ó sì pa á dé. Kí ó mú ewé òfìfo, kí ó kọ ohun tí ó rántí nípa àrùn náà fún ìṣẹ́jú mẹ́wàá láìyọjú wo ìwé. Lẹ́yìn náà ni kí ó ṣí ìwé, kí ó fi yíǹkì pupa kọ ohun tí ó gbàgbé àti ohun tí ó ṣì kọ. Ohun pupa wọ̀nyí ni kókó ìwé àṣàjọ rẹ̀. Ẹni tí ó bá da ìwé kọ láti ojú-ìwé kìíní kò lè mọ ibi tí òun kù sí, ewé rẹ̀ yóò sì kún fún ohun tí ó ti mọ̀ tẹ́lẹ̀.

Ìgbà yìí ni yóò wá fa ìlà láti òkè dé ìsàlẹ̀ ewé mìíràn. Ìbéèrè ni yóò wà lápá òsì, ìdáhùn lápá ọ̀tún, kí ó lè ká apá kan bo èkejì nígbà tí ó bá ń dá ara rẹ̀ wò. Gbólóhùn tí kò bá ṣeé sọ di ìbéèrè tí ìdáhùn rẹ̀ dájú, kí ó yọ ọ́. Báyìí ni ewé àtọ̀sí ajá lè rí:

Kí ni ó jọ, tí kì í ṣe òun? Àtọ̀sí: ọyún, ìbálòpọ̀, bakitéríà.
Ibo ni ó ń gbà wọlé? Awọ ara, nínú omi aláìníyọ̀.
Ta ni agbátẹrù rẹ̀? Ìgbín Bulínọ́ọ̀sì, ẹnu rẹ̀ lápá òsì.
Kí ni àmì tí ó yà á? Ẹ̀jẹ̀ ní ìparí ìtọ̀.
Nígbà wo ni a ń gba ìtọ̀? Láàárín agogo mẹ́wàá àárọ̀ sí méjì ọ̀sán.
Báwo ni ẹyin rẹ̀ ṣe rí? Ẹ̀gún kan ní ìdí.
Oògùn wo, èló? Pírásíkuántẹ̀lì, mílígíráàmù 40 fún kílógíráàmù kan.
Kí ni ó lè dà tí a kò bá tọ́jú rẹ̀? Ìbàjẹ́ kíndìnrín, jẹjẹrẹ àpò ìtọ̀.

Ìlà mẹ́jọ péré ni, ṣùgbọ́n ìdí kan wà lẹ́yìn ọ̀kọ̀ọ̀kan tí akẹ́kọ̀ọ́ gbọ́dọ̀ lè sọ lẹ́nu. Ìdí tí ẹ̀jẹ̀ fi ń jáde ní ìparí ìtọ̀ ni pé àpò ìtọ̀ a máa fún ara rẹ̀ nígbà tí ó bá fẹ́ tán, ara rẹ̀ tí ẹyin ti há sí a sì ṣẹ̀jẹ̀. Ẹyin yìí gan-an ni ó ń fa àrùn. Aràn fúnra rẹ̀ kì í ṣe ìpalára púpọ̀, ṣùgbọ́n ẹyin tí kò rí ọ̀nà jáde a há sínú ẹran ara, ibẹ̀ a wú, a sì le bí ọdún ti ń gorí ọdún. Ẹ̀gún ẹyin náà sì jẹ́ ìlà àyọ̀ fún olùdánwò, nítorí pé aràn tí ó jẹ́ ìbátan rẹ̀, Sisitosóómà mansónì, ní ẹ̀gún tirẹ̀ ní ẹ̀gbẹ́, inú ìgbẹ́ ni a sì ti sábà máa ń rí ẹyin rẹ̀.

Àpẹẹrẹ kan láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin

Kí a ní ìbéèrè ìdánwò náà lọ báyìí: wọ́n mú ọmọkùnrin ọlọ́dún mọ́kànlá kan láti abúlé apẹja kan lẹ́bàá Ẹ̀pẹ́ wá sí ilé ìwòsàn. Ìwọ̀n rẹ̀ jẹ́ kílógíráàmù 30. Ìyá rẹ̀ ní, "Ẹ jọ̀ọ́, nọ́ọ̀sì, ọmọ mi ń tọ ẹ̀jẹ̀. Bàbá rẹ̀ ní àtọ̀sí ni, pé ìbo ni ó ti kó o." Ara ọmọ náà kò gbóná. Wọ́n gba ìtọ̀ rẹ̀ ní agogo méje àárọ̀, wọn kò sì rí ẹyin kankan.

Akẹ́kọ̀ọ́ tí ewé rẹ̀ dára yóò rí ibi méjì níbi tí ìbéèrè náà ti dẹ pańpẹ́. Ọ̀rọ̀ bàbá ni àkọ́kọ́: ẹ̀jẹ̀ ni ìyá sọ, kò sọ ọyún, ọmọ náà sì ń lúwẹ̀ẹ́ lójoojúmọ́ nínú omi etí abúlé. Ìbéèrè tí ó yẹ kí a bi ọmọ náà ni bóyá ìbẹ̀rẹ̀ ìtọ̀ ni ẹ̀jẹ̀ ti ń jáde tàbí ìparí rẹ̀. Èkejì ni agogo méje. Ẹyin kì í jáde ní ìwọ̀n kan náà tọ̀sántòru, ọ̀sán ni ó máa ń pọ̀ jù, nítorí náà àyẹ̀wò òwúrọ̀ tí kò rí nǹkan kan kò tíì sọ pé àrùn kò sí. Kí wọ́n tún gba ìtọ̀ rẹ̀ ní ọ̀sán, kí wọ́n ní kí ó kọ́kọ́ sáré díẹ̀, kí ó sì tọ̀ tán pátápátá, nítorí pé ẹ̀kán tí ó kẹ́yìn ni ẹyin pọ̀ sí.

Wọ́n sẹ́ mílílítà 10 nínú ìtọ̀ ọ̀sán náà, wọ́n sì ka ẹyin 64 lábẹ́ maikirosikópù. Ẹyin 50 sókè nínú mílílítà 10 ni wọ́n ń pè ní àkóràn tí ó wúwo, nítorí náà ti ọmọ yìí wúwo. Oògùn ńkọ́? Ọgbọ̀n kílógíráàmù lọ́nà ogójì jẹ́ mílígíráàmù 1,200. Hóró pírásíkuántẹ̀lì kan sábà máa ń jẹ́ mílígíráàmù 600, hóró méjì ni yóò sì lò lẹ́ẹ̀kan náà, lẹ́yìn tí ó bá ti jẹun. Akẹ́kọ̀ọ́ tí ó bá kọ oògùn aràn inú ìfun, irú bí albẹndasóòlù, ti fi ọ̀rọ̀ náà "aràn" ṣìnà. Aràn inú ẹ̀jẹ̀ ni èyí, oògùn yẹn kò ràn án.

Kò parí síbẹ̀. Pírásíkuántẹ̀lì a máa pa aràn tí ó ti dàgbà, ṣùgbọ́n kò fi bẹ́ẹ̀ ràn èyí tí ó ṣẹ̀ṣẹ̀ wọ ara. Bí ọmọ náà bá wọ omi ní ọ̀sẹ̀ tí ó ṣáájú, aràn kékeré wọ̀nyẹn yóò là á já, wọn yóò sì dàgbà. Bí wọ́n bá tún rí ẹyin lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ mẹ́fà, ohun mẹ́ta ni ó lè fà á: ẹyin òkú tí ó ti há sára tẹ́lẹ̀ tí ó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń jáde, aràn kékeré tí ó ti dàgbà, tàbí àkóràn titun láti inú omi kan náà. Ìdáhùn tí ó kàn sọ pé oògùn kùnà kò tíì yẹ ọ̀kankan nínú wọn wò.

Ìlà tí ó máa ń sọnù

Ìlà kan wà tí ọ̀pọ̀ ewé kì í ní, tí ó sì yẹ kí ó wà níbẹ̀: àrùn yìí lára obìnrin. Ẹyin aràn náà lè há sí ojú ara obìnrin àti ọrùn ilé ọmọ. Ẹ̀jẹ̀ lè máa wá lẹ́yìn ìbálòpọ̀, omi lè máa jáde, ibẹ̀ lè máa dunni, ó sì lè ṣòro láti lóyún. Nígbà mìíràn, a kò ní rí ẹyin kankan nínú ìtọ̀ rẹ̀. Obìnrin tí ó ń fọ ẹja tàbí aṣọ nínú omi láti kékeré, tí ó sì wá pẹ̀lú irú àìsàn yìí, ni wọ́n lè tètè pè ní alátọ̀sí. Wọn yóò fún un ní abẹ́rẹ́ tí kò lè pa aràn, wọn yóò ní kí ó mú ọkọ rẹ̀ wá, ilé kan sì lè dàrú nítorí àrùn tí omi etí ilé fà. Nínú ìdánwò, máàkì kan ni ó wà níbẹ̀. Ní yàrá àyẹ̀wò, ìgbéyàwó ni.

Ọjọ́ orí ewé

Àwọn akẹ́kọ̀ọ́ a máa gba ewé lọ́wọ́ àwọn tí wọ́n ti jáde, wọn a sì da á kọ láti ọdún dé ọdún. Ewé ibà tí klorokúìnì ṣì jẹ́ oògùn àkọ́kọ́ lójú rẹ̀ ti di àtijọ́ láti ọdún 2005, nígbà tí Nàìjíríà yí ìlànà ìtọ́jú ibà padà sí àwọn oògùn alápapọ̀ tí atẹmisíìnì wà nínú wọn. Ti àtọ̀sí ajá náà ti yí. Láyé àtijọ́, ọmọ ilé-ìwé ni ètò pínpín oògùn náà dojú kọ jù lọ, àwọn ọmọ kéékèèké sì sábà máa ń bọ́ sẹ́yìn. Ní ọdún 2022, Àjọ Ìlera Àgbáyé gbé ìlànà titun jáde pé ní àwọn ibi tí àrùn náà ti gbilẹ̀, kí a fún gbogbo ẹni tí ó ti pé ọmọ ọdún méjì, títí kan àgbà, àti aboyún tí ó ti kọjá oṣù mẹ́ta àkọ́kọ́. Nítorí náà ni ó ṣe yẹ kí ọdún tí a kọ ewé wà ní igun òkè rẹ̀, kí orúkọ ìwé tí a ti ṣà á sì wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Ewé tí kò bá ní méjèèjì, kí akẹ́kọ̀ọ́ yẹ ìlà oògùn rẹ̀ wò ní àkọ́kọ́, nítorí pé òun ni ó máa ń tètè yí padà. Ẹ̀gún ìdí ẹyin kò tíì yí láti ìgbà Bilihásì.